Bí ẹ ṣe lè fi 01 kún nọ́ńbà orí àfíìṣì yín pẹ̀lú áàpù ọ̀fẹ́ orí fóònù

Ẹ kú iṣẹ́ o. Látìgbà tí wọ́n ti fi 01 síwájú nọ́ńbà fóònù wa ní Bẹ̀nẹ̀, ìyẹn ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, ìbéèrè kan náà ni mò ń gbọ́ láti Àjàṣẹ́ dé Kétu. Àfíìṣì mi ṣì ní nọ́ńbà onímẹ́jọ, ẹni tó ṣe é fún mi kì í gbé fóònù mọ́, fọ́tò tó wà lórí WhatsApp nìkan ló kù lọ́wọ́ mi, kí ni kí n ṣe? Mo ti dá èèyàn bíi mẹ́wàá lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sú mi, mo ní kí n kúkú kọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Áàpù méjì ni mo lò, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì: Snapseed fún gígé àti pípa rẹ́, PixelLab fún lílẹ nǹkan mọ́ ọn. Tí PixelLab kò bá sí lórí fóònù yín, áàpù èyíkéyìí tó bá lè gbé fọ́tò kékeré lé orí fọ́tò ńlá á ṣe é, ẹ ṣáà máa fọkàn bá ìlànà náà lọ.

## Ohun tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan

Nọ́ńbà tẹ́ ẹ rí lórí fọ́tò yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ mọ́, ọ̀dà tó ti gbẹ ni. Nígbà tí ẹni tó ṣe é ń ṣe é, àwọ̀ ẹ̀yìn wà lórí lẹ́yà tiẹ̀, nọ́ńbà wà lórí lẹ́yà mìíràn, bí ìgbà tẹ́ ẹ bá to bébà tínínrín léra wọn. Nígbà tó wá sọ ọ́ di fọ́tò, gbogbo bébà yẹn ti lẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń tẹ nọ́ńbà yẹn títí tí kò fi jẹ́ yín lóhùn. Áàpù méjì tí mo dárúkọ yìí kò lè "ṣí" i padà, ńṣe la máa bo èyí tó wà níbẹ̀ kí á sì lẹ òmíràn mọ́ ọn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe ni pé wọ́n á sáré lọ síbi tí wọ́n kọ Text sí, wọ́n á tẹ 01, wọ́n á wá máa wá fọ́ńtì tó jọ tàtijọ́. Ẹ lè wá a fún wákàtí méjì. Fọ́ńtì inú áàpù ọ̀fẹ́ kò pọ̀, kódà tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ rí èyí tó jọ ọ́, yóò mọ́ gaara jù, torí fọ́tò WhatsApp ti rú díẹ̀ léteetí, nọ́ńbà tuntun á wá dà bí aṣọ tuntun lára ẹni tó ń bọ̀ láti oko.

Ọ̀nà tó dáa jù ni pé kẹ́ ẹ yá nọ́ńbà lára fọ́tò náà fúnra rẹ̀. 0 àti 1 lẹ ń wá, ó sì ṣòro kí nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́sì, déètì àti iye owó wà lórí àfíìṣì kan kí 0 àti 1 má sí nínú wọn. Èyí tẹ́ ẹ bá yá níbẹ̀, fọ́ńtì kan náà ni, àwọ̀ kan náà, rírú kan náà.

## Iṣẹ́ Tántì aránṣọ

Kí ó lè yé yín, ẹ jẹ́ kí n mú èyí tí mo ṣe fún Tántì kan tó ń ránṣọ ní apá Wàǹdó, níbí ní Àjàṣẹ́. Àfíìṣì rẹ̀ ní fọ́tò obìnrin mẹ́ta tó wọ aṣọ àǹkárá lókè, ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìlà gbọọrọ aláwọ̀ pupa tó ṣú, wọ́n wá fi funfun kọ "Tél :" sórí rẹ̀ àti nọ́ńbà onímẹ́jọ. Nọ́ńbà yẹn wà láàárín gẹ́ẹ́ gẹ́ẹ́, "Tél :" sì ti gba gbogbo ààyè tó wà lápá òsì. Ibo la wá fẹ́ fi 01 sí?

Mo kọ́kọ́ rò ó pé kí n gé gbogbo nọ́ńbà náà kí n sún un sápá ọ̀tún. Mo wá wò ó dáadáa, mo rí i pé "Tél :" yẹn gan-an ló ń jókòó lórí àga tí 01 yẹ kó jókòó sí. Ta ni kò mọ̀ pé nọ́ńbà fóònù ni nọ́ńbà fóònù? Mo sọ fún un.

"Tántì, ẹ jẹ́ kí n yọ Tél yẹn kúrò."

"Wọn ò ní rò pé owó aṣọ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín débi tí mo fi da tíì sílẹ̀. Mo ní tí ẹnikẹ́ni bá gbà pé owó aṣọ yín tó bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ gba owó yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbà.

### Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ gba fáìlì tó dáa

Ẹ má fi sikirínṣọ́ọ̀tì ṣe é. Èmi náà ti ṣe é rí, ìgbà tí mo parí iṣẹ́ ni mo rí i pé gbogbo rẹ̀ ti rú, torí sikirínṣọ́ọ̀tì kò mú ju ohun tí ojú fóònù yín lè gbà lọ. Tí ẹnì kan bá ní àfíìṣì náà lọ́wọ́, ẹ ní kó fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp bíi Document, kì í ṣe bíi fọ́tò, torí tó bá gba ọ̀nà fọ́tò lọ, WhatsApp á fún un pọ̀. Kẹ́ ẹ sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kan pamọ́ tẹ́ ẹ kò ní fọwọ́ kàn.

Ti Tántì fẹ̀ tó píkísẹ́lì 1280, 0 kan nínú nọ́ńbà rẹ̀ kò sì ju bíi 40 lọ ní gíga. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó fún orí fóònù.

### Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ gé nọ́ńbà tẹ́ ẹ fẹ́ yá kẹ́ ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́

Èyí ṣáájú o! Mo ti rí ẹni tó pa gbogbo nọ́ńbà rẹ́ tán kó tó rántí pé inú rẹ̀ ló yẹ kóun ti yá 0.

1. Ẹ ṣí fọ́tò náà nínú Snapseed, ẹ lọ sí Tools, ẹ mú Crop, ẹ yan Free.
2. Ẹ fa igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí tí 0 kan ṣoṣo fi kù. Ẹ fi ìwọ̀nba àwọ̀ ẹ̀yìn sílẹ̀ yí i ká, bí ìbú ìlà tí wọ́n fi kọ nọ́ńbà náà, ṣùgbọ́n kí nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ má yọjú.
3. Ẹ lọ sí Export, ẹ fi pamọ́ bí ẹ̀dà. Ẹ tún ṣí fọ́tò àkọ́kọ́, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún 1.

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wọ Settings inú Snapseed kẹ́ ẹ gbé bó ṣe ń fi fáìlì pamọ́ sí PNG tàbí JPG 100%, kẹ́ ẹ sì rí i pé kò ní dín ìwọ̀n fọ́tò kù. JPG tẹ́ ẹ bá ń fi pamọ́ léraléra máa ń sọ nǹkan nù nígbà kọ̀ọ̀kan, àwọn àmì kéékèèké bí eruku á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ létí nọ́ńbà.

Ọgbọ́n kan wà níbẹ̀ tó ṣe pàtàkì: ẹ yá a lórí ìlà kan náà. Ọ̀pọ̀ àfíìṣì ni àwọ̀ ẹ̀yìn wọn máa ń ṣú díẹ̀díẹ̀ láti òkè lọ sísàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yá 0 láti ara àdírẹ́sì tó wà lókè, ẹ̀yìn rẹ̀ á mọ́lẹ̀ ju ibi tẹ́ ẹ fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ lọ, onígun mẹ́rin á sì hàn yí i ká bíi pátákó. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ inú nọ́ńbà fóònù náà lẹ ti yá a, ìṣú ẹ̀yìn wọn dọ́gba, torí òkè àti ìsàlẹ̀ wọn jọ wà lójú kan. Tántì ní 10 láàárín nọ́ńbà rẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti mú méjèèjì.

### Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ pa èyí tẹ́ ò fẹ́ rẹ́

Nínú Snapseed, irinṣẹ́ tó ń jẹ́ Healing ni, èyí tí àwòrán rẹ̀ dà bíi bàńdéèjì. Tí fóònù yín bá wà lédè Faransé, orúkọ rẹ̀ á yí, ẹ máa wá bàńdéèjì.

1. Ẹ fi ìka méjì fa fọ́tò náà tóbi gan-an. Kò síbi tí wọ́n ti ń yan ìwọ̀n bọ́rọ́ọ̀ṣì níbẹ̀, bẹ́ ẹ bá ṣe fa fọ́tò tóbi tó ni bọ́rọ́ọ̀ṣì á ṣe kéré tó.
2. Ẹ fi ìka kan lẹ́tà kan ṣoṣo, ẹ gbé ìka. Ẹ dúró kó ṣiṣẹ́. Ẹ bọ́ sí lẹ́tà kejì.
3. Tó bá fi àbàwọ́n sílẹ̀, ẹ tẹ ọfà tó ń yí padà, ẹ tún un ṣe pẹ̀lú bọ́rọ́ọ̀ṣì tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Healing kò mọ ohun tó yẹ kó wà lábẹ́ lẹ́tà yẹn, ìtòsí ni ó ti ń ṣẹ́ àwọ̀ mú wá dí ihò. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá fa ìka gùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí gbogbo "Tél :" títí tó fi kan nọ́ńbà àkọ́kọ́, á ṣẹ́ funfun lára nọ́ńbà yẹn mú wá, ẹ ó wá rí ìdajì 9 kan tó hù síbi tí kò yẹ. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi lára ti Tántì, bí ìrù alángbá ló rí. Díẹ̀díẹ̀ ni, láti apá tó jìnnà sí nọ́ńbà wá sí apá tó sún mọ́ ọn.

Tó bá jẹ́ orí ojú èèyàn, irun, ewé tàbí aṣọ olódòódó ni wọ́n kọ nọ́ńbà sí, ẹ má gbára lé Healing, á ba ibẹ̀ jẹ́. Ẹ lọ sí ìsọ̀rí "Tí èyí kò bá ṣe é ṣe" nísàlẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti pa á rẹ́ tán, ẹ Export. Èyí ni fọ́tò ìpìlẹ̀ yín báyìí.

### Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ lẹ 0 àti 1 mọ́ ọn

Ẹ ṣí PixelLab, ẹ gbé fọ́tò ìpìlẹ̀ wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ jẹ́ kó lo ìwọ̀n fọ́tò náà gan-an, kó má gé e sí onígun mẹ́rin. Tí ọ̀rọ̀ kan bá ti wà lójú iṣẹ́ tí PixelLab fúnra rẹ̀ kọ síbẹ̀, ẹ pa á rẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ fi àmì àfikún gbé fọ́tò 0 wọlé láti inú gálárì.

Wàhálà tó wà níbí ni pé áàpù náà lè gbé e wọlé ní ìwọ̀n tó wù ú, 0 yín lè tóbi tó orí èèyàn. Ẹ má fojú wọ̀n ọ́n. Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí:

1. Ẹ gbé 0 tẹ́ ẹ yá lọ sórí 0 tó bí i gan-an, ìyẹn ibi tẹ́ ẹ ti gé e.
2. Ẹ fa Opacity rẹ̀ sí àárín, kẹ́ ẹ lè rí ti ìsàlẹ̀.
3. Ẹ máa dín in kù títí tí méjèèjì á fi bọ́ sínú ara wọn, tí ẹ kò ní rí òjìji 0 méjì mọ́. Ìwọ̀n rẹ̀ ti pé nìyẹn, gíga rẹ̀ náà sì ti pé.
4. Ẹ dá Opacity padà sí 100, kẹ́ ẹ wá sún un sápá òsì nìkan, láìgbé e sókè tàbí sísàlẹ̀. Tí áàpù yín bá ní ọfà kéékèèké fún sísún, ẹ lo ọfà, ìka wa tóbi jù fún iṣẹ́ yẹn.
5. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún 1.

Àlàfo náà ń kọ́? Ẹ wo bí àwọn nọ́ńbà yòókù ṣe jìnnà síra wọn. Ní ti Tántì, wọ́n kọ ọ́ ní méjì-méjì pẹ̀lú àlàfo láàárín, nítorí náà 01 gbọ́dọ̀ sún mọ́ra wọn, kí àlàfo sì wà láàárín òun àti méjì tó tẹ̀ lé e. 1 ló máa ń da èèyàn láàmú jù torí ó tín-ín-rín. Nínú fọ́ńtì kan, wọ́n fún un láàyè tó dọ́gba pẹ̀lú ti àwọn yòókù, nínú òmíràn wọ́n jẹ́ kó há. Ẹ wo ibi tí 1 ti wà tẹ́lẹ̀ lórí àfíìṣì, iye àlàfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ fún un níbí.

Tí áàpù yín kò bá gbà ju fọ́tò kan lọ lórí òmíràn, kò burú: ẹ lẹ 0, ẹ fi pamọ́ bíi PNG, ẹ tún ṣí i, ẹ lẹ 1. PNG kì í sọ nǹkan nù bíi JPG, nítorí náà ìgbà méjì kò ní pa á lára.

### Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ wá àṣìṣe yín kí oníbàárà tó rí i

Mo fi PNG pamọ́, mo fi ránṣẹ́ sí Tántì, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ àfíìṣì. Lórí fóònù kò sí nǹkan kan. Lórí bébà, onígun mẹ́rin méjì yọ yí 0 àti 1 ká, fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, bí ìgbà tí wọ́n bá lẹ bébà mọ́ ògiri. Ẹ̀bi mi ni. Mo ti fi ẹ̀yìn tó pọ̀ jù sílẹ̀ nígbà tí mo ń gé e, ẹ̀yìn yẹn kò sì dọ́gba tán, torí fífún tí WhatsApp fún un pọ̀ ti da àbàwọ́n sí etí nọ́ńbà.

Àtìgbà yẹn, mo máa ń ṣe ìdánwò yìí kí n tó fi iṣẹ́ sílẹ̀: mo máa ń ṣí i nínú Snapseed, mo máa wọ Tune Image, mo máa fa Brightness sókè pátápátá, lẹ́yìn náà Contrast. Ibi tí pátákó bá wà, á yọ. Tó bá yọ, mo máa fi Healing kan etí pátákó náà díẹ̀díẹ̀, ní etí nìkan, kí ó pò mọ́ ẹ̀yìn. Kẹ́ ẹ má ṣe gbàgbé láti fagi lé Brightness yẹn kẹ́ ẹ tó fi pamọ́ o, ẹnì kan ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo àwọn obìnrin orí àfíìṣì rẹ̀ di ẹni tó kun ẹfun.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí:
- Ṣé nọ́ńbà ti di mẹ́wàá? Ẹ kà á sókè.
- Tí +229 bá wà níwájú, ṣé ẹ̀yìn rẹ̀ ni 01 wà? +229 01 ni, kì í ṣe 01 +229. Mo ti rí èyí lára ògiri ṣọ́ọ̀bù.
- Ṣé nọ́ńbà kejì tàbí kẹta wà lórí àfíìṣì náà tẹ́ ẹ gbàgbé?
- Ẹ pe nọ́ńbà náà látorí àfíìṣì, kì í ṣe látorí fóònù tó ti fi orúkọ pamọ́.

## Tí èyí kò bá ṣe é ṣe

Tí ẹ̀yìn bá jẹ́ fọ́tò tàbí aṣọ olódòódó. Ẹ má pa nǹkan kan rẹ́. Nínú PixelLab, ẹ fi àpótí onígun mẹ́rin bo gbogbo ìlà nọ́ńbà náà, láti etí kan fọ́tò dé etí kejì, kẹ́ ẹ wá kọ nọ́ńbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tuntun sórí rẹ̀. Àwọ̀ àpótí yẹn, ẹ mú un lára àfíìṣì náà pẹ̀lú àmì kékeré tó dà bí ohun tí wọ́n fi ń kán oògùn sójú. Tó bá jẹ́ àpótí kékeré tó bo nọ́ńbà nìkan, gbogbo ayé á mọ̀ pé ẹ bo nǹkan. Tó bá gba etí dé etí, wọ́n á rò pé bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Èmi fẹ́ràn èyí ju kí n máa bá Healing jà lórí irun èèyàn.

Tí kò bá sí 0 tàbí 1 tẹ́ ẹ lè yá. Nígbà náà lẹ tó máa kọ ọ́. Phonto dáa fún un, ó ń gba fọ́ńtì tẹ́ ẹ bá mú wá fúnra yín. Ẹ wo àwọn nọ́ńbà tó wà níbẹ̀: ṣé 4 ṣí lórí àbí ó pa dé, ṣé 1 ní ẹsẹ̀, ṣé ìrù 9 tẹ̀ àbí ó gún? Ẹ fi wé Roboto, Montserrat, Poppins àti Open Sans, ọ̀fẹ́ ni wọ́n lórí Google Fonts, mo sì máa ń bá wọn pàdé lórí àfíìṣì gan-an ni. Tẹ́ ẹ bá ń mú àwọ̀, àárín ara nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ ti mú un, kì í ṣe etí, etí ti pò mọ́ ẹ̀yìn. Kẹ́ ẹ sì dín Opacity kù díẹ̀, bíi 92 tàbí 95, kó má bàa mọ́ ju àwọn yòókù lọ.

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá lẹ fẹ́ yí. Fọ́ńtì tó rẹwà lè má mọ ẹ̀ tàbí ọ́, á fi àpótí òfìfo síbẹ̀ tàbí kó gbé àmì ohùn lọ sórí lẹ́tà ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tẹ "Ọ̀ṣọ́ Ẹ̀gbẹ́" kẹ́ ẹ wò ó. Noto Sans máa ń gbé e dáadáa.

Tí kódù QR bá wà lórí rẹ̀ tó ń gbé èèyàn lọ sí nọ́ńbà àtijọ́, ẹ má gbìyànjú àtitún un ṣe pẹ̀lú ọwọ́. Ẹ ṣe tuntun, kẹ́ ẹ gbé e lé orí ti tẹ́lẹ̀.

Ohun kan ni mi ò ní bá ẹnikẹ́ni ṣe: ríséètì, fọ́tò Mómò tẹ́ ẹ fi sanwó, káàdì ìdánimọ̀, ìwé ẹ̀rí ilé ìwé. Méjì ti bi mí léèrè, mo dákẹ́. Àfíìṣì tiyín ni mò ń sọ.

## Fífi ránṣẹ́ àti títẹ̀

Fún orí fóònù, ẹ fi pamọ́ bíi JPG ní ìgbẹ̀yìn, torí PNG wúwo á sì jẹ mẹ́gà àwọn tó máa gbà á. Fún títẹ̀, ẹ fi PNG ránṣẹ́ bíi Document. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé fọ́tò tó fẹ̀ tó píkísẹ́lì 1280 kò lè mọ́ dáadáa lórí bébà tó fẹ̀ ju bíi sẹ̀ǹtímítà 11 lọ tí wọ́n bá fẹ́ kó já gaara, ìyẹn píkísẹ́lì 300 nínú íǹṣì kan. Káàdì kékeré á dáa. Pátákó ńlá tí wọ́n fẹ́ gbé kọ́ sójú títì Kútọnu, ẹ wá ẹni tó máa tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀, kò sí áàpù tó máa gbà yín níbẹ̀.

Tántì tún un tẹ̀ lẹ́yìn tí mo pa etí pátákó méjì yẹn rẹ́. Ọjọ́ kejì ó pè mí, mo rò pé ó fẹ́ dúpẹ́ ni, ó ní nǹkan kan ṣì kù tí mi ò tún ṣe, pé obìnrin àárín yẹn, ṣé mi ò lè bá òun yí aṣọ rẹ̀ sí léèsì?